Ẹ ṣọ́ra o: fọ́tò kíláàsì ni wọ́n fi lù mí ní jìbìtì

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ tẹ ìwé ìpolówó ilé-ìwé, ẹ gbọ́ tèmi kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni. Inú ń bí mi débi pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n.

Mo ra fọ́tò méjìlá lọ́wọ́ ọkùnrin kan. Ó ní ayàwòrán lòun, òun fẹsẹ̀ ara òun wọ kíláàsì, àwọn òbí sì ti fọwọ́ sí i. Mo wò wọ́n lórí fóònù. Oòrùn ń gba ojú fèrèsé wọlé, àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín, tíṣà bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ tó ń kọ̀wé. Orí mi wú. Gbogbo owó ni mo san lẹ́ẹ̀kan náà.

A ti tẹ ìwé tán nígbà tí ìyá kan tó wá forúkọ ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ nawọ́ sí ojú ìwé àkọ́kọ́. "Ẹ má bínú sà, ìka mélòó ni ọmọ yìí ní?" Mo kà á níwájú rẹ̀. Mẹ́fà. Mo tún un kà, mẹ́fà náà ni. Pẹ́ńsùlù ọmọ ọ̀hún wọ inú àtàǹpàkò rẹ̀, ó yọ lódì kejì. Ohun tó wà lójú pátákó kì í ṣe lẹ́tà èdè kankan. Ọmọ mẹ́ta jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan, báàjì mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà láyà wọn. Ojú ọmọ tó wà lẹ́yìn pátápátá yọ́ bí àbẹ́là. Ọgbọ́n àtọwọ́dá inú kọ̀ǹpútà ló ṣe gbogbo rẹ̀! Kò sí kíláàsì, kò sí ọmọ, kò sí òbí kankan tó fọwọ́ sí nǹkan. Ìka mẹ́fà!

Ẹ má sọ fún mi pé ó yẹ kí n rí i. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n lójú fóònù, ọwọ́ ọmọ yẹn ò tó èékánná mi, ta ló máa ka ìka níbẹ̀? Ẹ̀bi mi ni pé mi ò ṣí fáìlì náà lórí kọ̀ǹpútà. Píksẹ́lì, ìyẹn àwọn àmì kéékèèké tó para pọ̀ di fọ́tò, 1024 péré ni, níbùú àti lóròó. Ojú ìwé A4 tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ dáadáa ń fẹ́ 2480 níbùú, 3508 lóròó. Wọ́n fẹ̀ ẹ́ tipátipá ni, àbùkù sì hàn sójú táyé.

Nígbà tí mo pe ọkùnrin tó tà á fún mi, ó ní, "Ṣebí wọ́n rẹwà?" Lójú ìyá yẹn, èmi ni òpùrọ́, kì í ṣe ọkùnrin náà. Ìyẹn ló ń dùn mí jù.

Ẹ fẹ fọ́tò lórí kọ̀ǹpútà, ẹ wo ìka, báàjì, ẹsẹ̀ àga, lẹ́tà àti àwọn tó wà lẹ́yìn. Ẹ ní kí ayàwòrán fi àwọn tó yà ṣáájú àti lẹ́yìn èyí tó fi hàn yín ránṣẹ́, nítorí ẹni tó wà ní kíláàsì lóòótọ́ á ní ọ̀pọ̀ tí ọmọ ti dijú tàbí yíjú sẹ́yìn. Ẹ gba ìwé tí òbí fọwọ́ sí. Ẹ má san gbogbo owó.

Èmi ò gba àwọn olùtajà wọ̀nyí gbọ́ mọ́, ì báà jẹ́ ẹni ire. Ẹni tó bá máa ya fọ́tò fún mi, inú kíláàsì wa ló máa ti yà á, èmi náà á sì dúró tì í.