Síìmù oníkáàdì àbí ti bíìlì ìparí oṣù? Ohun tí fóònù mẹ́fà fojú mi rí nídìí òwò kajú ní Kàbà

Kajú ni mo ń rà ní Kàbà. Ọmọ iṣẹ́ márùn-ún ló ń bá mi rà á lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ní Ìyàrà, Mọ̀pà àti Ìsánlú, fóònù mẹ́fà sì ni a ń lò, tèmi kún un.

Síìmù oníbíìlì ni mo kọ́kọ́ gbà, torí káàdì máa ń tán lórí fóònù ọmọ iṣẹ́ níbi tó ti ń dúnàá dúrà. Iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì gba ìwé ìforúkọsílẹ̀ òwò mi, wọ́n kó fóònù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sábẹ́ àkáǹtì kan, ₦5,000 lóṣù lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. ₦30,000 nìyẹn, owó orí ọjà, 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, sọ ọ́ di ₦32,250. Nígbà tí kajú ń bọ́, n kò kábàámọ̀ rẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n ní Júlàì tí ẹnikẹ́ni kò pe ẹnikẹ́ni, iye yẹn náà ni bíìlì gbé wá.

Ibi tó ti dùn mí jù ni ti ààlà gbèsè. ₦50,000 ni wọ́n fún wa, àpapọ̀ gbogbo fóònù. Ní Mááṣì, ọmọ iṣẹ́ kan tan họ́ọ̀tísípọ́ọ̀tì sílẹ̀ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Dátà rẹ̀ tán, ṣùgbọ́n kò já. Wọ́n ń ka ìyókù mọ́ gbèsè wa. Ní ọ̀sán Sátidé, fóònù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kò lè pè mọ́. A rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, a ń pa fóònù, a ń tàn án. Ká ní mo fiyè sí i ni: àwọn èèyàn ń pè wá, ó ń wọlé, àwa la ò lè pè jáde. Bíìlì ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Àpò kajú 11 bọ́ sọ́wọ́ oníṣòwò mìíràn lọ́jọ́ náà. Bí ẹ bá fẹ́ gba ti bíìlì, ẹ ní kí wọ́n fi ààlà sórí fóònù kọ̀ọ̀kan, kí dátà sì máa já bó bá ti tán, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

Mo wá padà sí oníkáàdì. Nígbà kajú, ₦4,000 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó, ₦24,000 ni gbogbo rẹ̀. Òun náà ní wàhálà tirẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ kan ti fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ ara rẹ̀ forúkọ síìmù sílẹ̀. Nígbà tó fi mí sílẹ̀, ó mú un lọ, n kò sì lè gba nọ́ńbà náà padà, torí ẹni tó forúkọ sílẹ̀ nìkan ni wọ́n ń tún síìmù ṣe fún. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, bàbá kan ní Mọ̀pà ní, "Ọ̀kún o, ìyá. Ọmọ yín ti wá kó kajú mi lánàá." Òwò ara rẹ̀ ló ń bá kiri.

Nínú òfin NCC, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ fóònù, síìmù tí a kò fi ṣe ohun kankan tó ń mówó wọlé fún iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì láàárín oṣù mẹ́fà, wọ́n lè pa á; bó bá tún pé oṣù mẹ́fà sí i, nọ́ńbà lè lọ pátápátá. Láti Júùnù dé Jánúárì, síìmù kajú ń sùn nínú dúrọ́ọ̀.

Tèmi nìkan ló wà lórí bíìlì báyìí, ààlà rẹ̀ dá wà. Márùn-ún yòókù jẹ́ oníkáàdì lórúkọ mi. Lóṣù méjì-méjì, mo ń kó wọn jáde, mo ń ra káàdì ₦200 sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì ń fi gbogbo wọn pe fóònù tèmi, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì.