Àtẹ ọjà àti Quick replies lórí WhatsApp Business: ohun tí mo rí lẹ́nu títa búbú n'Íjẹ̀bú-Òde

Búbú àti kàfítáànì tí a ti rán sílẹ̀ ni mò ń tà n'Íjẹ̀bú-Òde, orí WhatsApp Business sì ni ọ̀pọ̀ oníbàárà mi ti ń bá mi rajà. Ọ̀fẹ́ ni áàpù náà. Ohun méjì tí mò ń lò jù nínú rẹ̀ ni Catalog, ìyẹn àtẹ ọjà, àti Quick replies, ìyẹn ìdáhùn téèyàn ti kọ pa mọ́. Mo fẹ́ràn méjèèjì. Àmọ́ ẹni tó bá rò pé àwòrán tó dára nìkan ló ń tajà lórí àtẹ yẹn, ìbéèrè ni yóò máa dáhùn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.

Ọjà kọ̀ọ̀kan ní àyè fún orúkọ, owó àti àpèjúwe, ó sì lè gba àwòrán tó 10. Àyè àpèjúwe yẹn gùn gan-an, ṣùgbọ́n ìlà díẹ̀ àkọ́kọ́ ni oníbàárà kọ́kọ́ ń rí. Ìdí nìyí tí n kì í fi “ẹ káàbọ̀ sí ilé ẹwà” bẹ̀rẹ̀ àpèjúwe. Ohun tó ń mú kí aṣọ padà wá ni mo máa ń kọ́kọ́ kọ, ìyẹn ìwọ̀n.

“Ó ba gbogbo èèyàn mu” ni ọ̀rọ̀ tí mò ń rí jù lórí àtẹ àwọn oníbúbú. Ní ti fífẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òótọ́, torí búbú kì í mọ́ èèyàn lára. Gígùn ló ń dá ìjà sílẹ̀. Ẹ wo búbú tó gùn ní ínǹṣì 54 láti èjìká dé etí ìsàlẹ̀. Obìnrin tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún àti ínǹṣì mẹ́rin, ilẹ̀ ni yóò bá a dé, bí kò bá wọ bàtà gíga. Ẹni tó fi ínǹṣì mẹ́rin ga jù ú lọ yóò rí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ níta, yóò sì ní aṣọ tí mo fi ránṣẹ́ kọ́ ló rí nínú àwòrán. Bẹ́ẹ̀ òun náà ni. Ẹni tó wọ̀ ọ́ nínú àwòrán ló kúrú jù ú lọ.

Bí mo ṣe kọ ti búbú àdìrẹ aláró kan nìyí:

“Gígùn: ínǹṣì 54 láti èjìká. Fífẹ̀ níbi àyà: ínǹṣì 30 tí a bá tẹ́ ẹ sílẹ̀, ìyẹn 60 yíká. Ó gba ẹni tí àyà rẹ̀ kò ju 50 lọ, tí yóò sì ṣì fẹ́ lára. Ẹni tó wọ̀ ọ́ nínú àwòrán ga ní ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún àti ínǹṣì mẹ́rin, kò wọ bàtà gíga. Aṣọ òwú ni. Aró rẹ̀ lè yọ díẹ̀ nígbà àkọ́fọ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá a fọ̀.”

Kò sí “ó rẹwà” níbẹ̀, torí àwòrán ti sọ ìyẹn. Ọ̀rọ̀ aró yẹn, àwọn kan ní yóò lé oníbàárà lọ. Èmi ò rí ẹni tó tìtorí rẹ̀ sá. Ẹni tó máa bínú ni ẹni tí aró bá kun aṣọ funfun rẹ̀ nígbà tí ẹnikẹ́ni ò kìlọ̀ fún un.

Ibi tí àtẹ náà ti kù díẹ̀ káàtó fún mi ni pé lórí fóònù mi, kò sí ibi tí mo ti lè kọ ọ́ pé aṣọ yìí wà ní gígùn 54 àti 58 lábẹ́ ọjà kan ṣoṣo. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mò ń gbé wọn sí, pẹ̀lú gígùn wọn nínú orúkọ: “Búbú àdìrẹ aláró, 58.” Bákan náà, kì í mọ̀ pé ọjà ti tán. Èmi ni mo gbọ́dọ̀ lọ fi í pa mọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹlòmíì yóò tún béèrè ohun tí mo ti tà láàárọ̀.

Quick replies ni mo gbádùn jù. Tí mo bá ti tẹ àmì `/` níbi tí mo ti ń kọ̀wé, àwọn ìdáhùn tí mo ti kọ pa mọ́ á jáde. Ó lè gba tó 50, ṣùgbọ́n mo gbà pé ẹni tó bá ní ju mẹ́wàá lọ kò ní rántí orúkọ wọn. Ohun tó dára níbẹ̀ ni pé kì í fi ara rẹ̀ ránṣẹ́. Inú àpótí ìkọ̀wé ló ń wà títí n óò fi tún un ṣe tán.

Ti ìwọ̀n ló gbà mí lákòókò jù láti kọ. Tí èèyàn bá bi oníbàárà ní gíga, àyà, ìdí àti apá lẹ́ẹ̀kan náà, kì í dáhùn mọ́. Kò sí tépù nítòsí, ó sì ti di iṣẹ́ fún un. Nítorí náà, `/iwon` mi ń béèrè nǹkan kan péré: “Ẹ jọ̀ọ́ ma, ẹ mú búbú yín kan tí gígùn rẹ̀ tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ wọ̀n ọ́n láti èjìká dé ìsàlẹ̀. Ínǹṣì mélòó ni?” Nọ́ńbà kan yẹn tó láti mọ èyí tí yóò bá a mu.

N kì í kọ owó aṣọ sínú ìdáhùn kankan. Tí owó aṣọ òwú bá gbéra, orí àtẹ nìkan ni mo fẹ́ lọ yí i padà, kì í ṣe ibi mẹ́fà. Ṣùgbọ́n ẹni tó béèrè pé “èló ni?” kò fẹ́ gbọ́ pé kó lọ wò ó lábẹ́ àwòrán, ìwọ̀sí ni lójú rẹ̀. `/owo` mi ní àlàfo: “Búbú yìí jẹ́ ₦####. Owó gbígbé dé #### jẹ́ ₦####.” Mo lo àmì yẹn nítorí ó hàn gedegbe. Àlàfo tó jẹ́ òfìfo lásán, ọwọ́ lè yára fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Owó gbígbé kò sì ṣeé kọ pa mọ́: ọlọ́kadà tó ń lọ Àgọ́-Ìwòyè àti awakọ̀ tó ń gbé ẹrù láti gáréèjì lọ sí Ìbàdàn, owó wọn kò dọ́gba, kò sì dúró sójú kan.

Fún ẹni tó bá ní “èló lẹ fẹ́ gbà gan-an?”, `/din` ni: “Ẹ ṣeun ma. Iye tí a ń tà á ní ẹyọ kan nìyẹn. Tí ẹ bá ń mú tó mẹ́fà papọ̀, a ó yọ ₦#### lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan.” Ìdáhùn yìí wúlò gan-an nígbà tí Iléyá bá ń bọ̀, torí ọjọ́ kẹta rẹ̀ ni Ojúde Ọba, àwọn ẹgbẹ́ sì máa ń wá aṣọ kan náà. Ẹnì kan á béèrè ẹ̀dínwó fún ara rẹ̀, á rí i pé ẹni tó bá mú mẹ́fà ló ń rí i gbà, á sì lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

N kì í fi ìkíni sínú wọn. “Ẹ káàárọ̀” tó bá dé ní alẹ́ ti tú àṣírí pé ọ̀rọ̀ àkọsílẹ̀ ni. Mo máa ń fọwọ́ tẹ ìkíni àti orúkọ, kí n tó tẹ `/`. Tó bá jẹ́ màmá tó fi ohùn béèrè nǹkan ló kàn, mo pa Quick replies tì pátápátá, èmi náà á fi ohùn dá wọn lóhùn. Ó pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n irú wọn kì í ka ọ̀rọ̀ gígùn, wọ́n sì ń ra ju ẹyọ kan lọ.

Greeting message, tó ń fúnra rẹ̀ kí ẹni tó bá kọ̀wé sí mi, kò wù mí tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti lo ọjọ́ 14 láìbá mi sọ̀rọ̀ tún máa ń rí i gbà bí ẹni pé àlejò ni. Oníbàárà tó ti rajà lọ́wọ́ mi kò yẹ kó gba irú ìkíni bẹ́ẹ̀, ni mo bá pa á.