Ọrun onígi kan àti ọrun onípele: ohun tí mo rí lára méjèèjì

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń gbé, mo sì wà nínú ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta ọfà ládùúgbò wa. Ọrun gígùn méjì ni mo ní. Ọ̀kan jẹ́ onígi kan: igi yúù ni, ara ìtì kan ṣoṣo ni wọ́n ti gbẹ́ ẹ jáde. Èkejì jẹ́ onípele: igi pẹlẹbẹ mẹ́ta tí wọ́n fi gúlù lẹ̀ pọ̀, híkírì lẹ́yìn, igi aláwọ̀ àlùkò láàárín, ipé láti Gúúsù Amẹ́ríkà níkùn. Agbára kan náà ni wọ́n ní, pọ́n-ùn 45 tí mo bá fà á dé ínṣì 28. Àmọ́ owó tí mo fi ra yúù fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti èkejì, àwọn èèyàn sì máa ń bi mí bóyá ó tó bẹ́ẹ̀.

Tí a bá fa ọrun, ẹ̀yìn rẹ̀, ìyẹn ojú tó kọ sí ibi tí à ń ta ọfà sí, á máa nà. Ikùn rẹ̀ tó kọ sí wa á máa fún pọ̀. Igi tó fara da nínà kì í sábà jẹ́ èyí tó fara da fífún. Yúù ní tiẹ̀ ní méjèèjì lára: igi funfun abẹ́ èèpo rẹ̀ ń nà dáadáa, igi pupa inú rẹ̀ sì ń gba ìfúnpọ̀. Nígbà tí wọ́n gbé ọkọ̀ ogun Méérì Róòsì, tó rì lọ́dún 1545, jáde lábẹ́ òkun ní 1982, ọrun yúù tó lé ní 130 ni wọ́n rí kó níbẹ̀, bí wọ́n sì ṣe gbẹ́ wọn náà nìyẹn, funfun lẹ́yìn, pupa níkùn.

Ibi tí iṣẹ́ ti le ni pé ẹni tó ń gbẹ́ onígi kan gbọ́dọ̀ gba ohun tí igi bá fún un. Ní apá Tẹ́sáàsì àti Okilahómà ní Amẹ́ríkà, igi ọ́séèjì ni wọ́n ń lò. Wọn a bó funfun rẹ̀ dànù, wọn a wá fi ọ̀bẹ ọlọ́wọ́ méjì ha igi yẹ́lò náà títí òrùka ọdún kan ṣoṣo, ìyẹn ipele tí igi fi dàgbà lọ́dún kan, á fi bo ẹ̀yìn ọrun láti orí dé ìdí. Ibi tí ọ̀bẹ bá ti gé òrùka náà kọjá ni ọrun ti máa ń ṣẹ́. Yúù tèmi ní kókó kan lókè ọwọ́, ẹni tó gbẹ́ ẹ sì fi igi díẹ̀ sílẹ̀ yí i ká, ló fi wú síta. Àwọn kan ní iṣẹ́ náà kò dán. Iṣẹ́ tó dára gan-an nìyẹn o! Ẹni tó bá fá kókó náà pẹrẹsẹ ló ba ọrun jẹ́.

Onípele kò ní wàhálà yìí. Igi tó tọ́, tí kò ní kókó, ni wọ́n ń yàn, wọ́n sì ń fi kálukú síbi tó mọ̀ ọ́n ṣe. Bí gúlù ṣe ń gbẹ, wọ́n lè dè é mọ́ pákó kí orí àti ìdí rẹ̀ tẹ̀ síwájú díẹ̀, kí ó lè lágbára láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ọsán já, ọrun dọ̀pá. Yúù tèmi kì í dọ̀pá gbọọrọ mọ́ tí mo bá tú ọsán rẹ̀. Tí mo bá gbé e ti ògiri lẹ́yìn tí mo ti ta á, ó ṣì tẹ̀ tó ínṣì kan àtààbọ̀ síhà ikùn. Tó bá sinmi, á kù tó ínṣì kan. Onípele mi ṣì tọ́. Ọfà kan náà ń yára díẹ̀ sí i lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń gbo mi lọ́wọ́. Yúù rọ̀ lọ́wọ́, n kò sì ní parọ́, òun ni mo máa ń kọ́kọ́ mú.

Kálukú ló ní ọ̀nà tó ń gbà bàjẹ́. Lára onígi kan, mo máa ń fi òwú pa ẹ̀yìn rẹ̀. Ibi tí òwú bá ti há, ẹ̀ṣẹ́rẹ́ igi ti ń gbéra nìyẹn. Mo sì máa ń wo ikùn bóyá ìlà tín-ín-rín ti dábùú rẹ̀ bí awọ tó hunjọ, torí ó túmọ̀ sí pé ibẹ̀ ń tẹ̀ ju ibòmíràn lọ. Lára onípele, ojú gúlù ni kí ẹ máa fi èékánná tọ̀. Èyí tí mo kọ́kọ́ rà há mi léèékánná nítòsí orí, mo dá a padà, ẹni tó tà á fún mi sì rojọ́ kí ó tó pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má fi irú rẹ̀ sílẹ̀ nínú mọ́tò tí oòrùn ń pa, gúlù mìíràn kì í fara da ooru.

Ẹni tí ọrun kan ṣoṣo tó fún, tó sì máa ń ta á nínú òjò àti ọ̀rinrin ìlú yìí, onípele ni kó rà. Ẹni tó bá fẹ́ yúù, kó béèrè ìgbà tí wọ́n gé igi náà, torí ó máa ń gbẹ fún ọdún mélòó kan kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ. Tí ẹni tó ń tà á kò bá lè dáhùn, ẹ fi ọrun rẹ̀ sílẹ̀ fún un.