Ọdún kan ààbọ̀ tí a fi Google Sheets ṣe lẹ́jà ẹgbẹ́ wa n'Iléṣà

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan n'Iléṣà, ìtòsí Ọjà Àtàkúmọ̀sà. Àwa 43 ni. Ìwé lẹ́jà ńlá la ń lò tẹ́lẹ̀, olúkúlùkù ní ojú ewé tirẹ̀. Bí mo bá ṣi ìṣirò ẹnì kan lóṣù kejì, àṣìṣe náà á máa bá a lọ títí ọdún á fi parí. Ìyẹn ló jẹ́ kí n gbé e lọ sórí Google Sheets. Ọ̀fẹ́ ni, fóònù akápò wa náà sì ń ṣí i.

Mi ò fún ẹnikẹ́ni ní ojú ewé tirẹ̀ mọ́. Ojú kan náà ni gbogbo owó ń wọ̀, ìlà kan fún owó kan: ọjọ́ wà ní A, nọ́mbà ọmọ ẹgbẹ́ ní B, irú owó ní C, iye ní D, àṣẹ́kù ní E. Irú owó mẹ́ta la ní: IFO fún ìfowópamọ́, YIYA fún owó tí a yá èèyàn, ELE fún èlé. A ò fi àmì ohùn sí wọn, torí bí èmi bá fi sí i tí akápò ò fi sí i, ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni lójú ẹ̀rọ. Owó tó bá dín àṣẹ́kù irú tirẹ̀ kù, bí ìgbà tí èèyàn bá san lára owó tó yá, a máa ń fi àmì ìyọkúrò síwájú rẹ̀. Èyí ló wà ní E2, tí mo fà wálẹ̀ dé ìsàlẹ̀:

```
=SUMIFS(D$2:D2,B$2:B2,B2,C$2:C2,C2)
```

Àmì $ ló di ìbẹ̀rẹ̀ mú sí ìlà kejì, òpin ló ń sún sísàlẹ̀. Nítorí náà, ìlà kọ̀ọ̀kan ń ka owó ẹni yẹn nìkan, irú yẹn nìkan, láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé ibi tó wà. Bí mo bá tún àṣìṣe oṣù kejì ṣe, gbogbo àṣẹ́kù tó tẹ̀ lé e á tún ara wọn ṣe. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mo pe ìyàwó mi wá wò ó.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ò mọ ohun tí ẹ ò sọ fún un. Màmá aláṣọ kan yá ₦120,000 lọ́wọ́ ẹgbẹ́, oṣù 10 ni wọ́n máa fi san án, èlé rẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ ₦6,000. Oṣooṣù ni wọ́n ń mú ₦12,600 wá, wọn ò pa oṣù kan jẹ rí. (N'Iléṣà tí òṣómàáló ti ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, ẹ mọ̀ pé ẹni iyì nìyẹn.) Èmi ni mo ṣe àìdáa: gbogbo ₦12,600 ni mo ń kọ sí YIYA. Nígbà tí wọ́n san ti oṣù kẹsàn-án tán, lẹ́jà ní ₦6,600 ló kù, bẹ́ẹ̀ ₦12,000 ló yẹ kó kù nínú ojú owó. Lóṣù kẹwàá, àṣẹ́kù di -6,000. Màmá wò ó lójú fóònù mi, wọ́n ní, "Akọ̀wé, ṣé ẹgbẹ́ ló wá jẹ mí lówó báyìí?"

Ohun tó dùn mí jù ni pé oṣooṣù ni mo ń bá báńkì yẹ̀ ẹ́ wò: IFO, yọ YIYA, fi ELE kún un. Ó ń bára mu dé kọ́bọ̀. Ó gbọ́dọ̀ bára mu ni! Èlé tí n kò kọ sí ELE ti lọ dín YIYA kù ní iye kan náà, ọ̀kan pa èkejì rẹ́. Báńkì ò lè tú irú àṣìṣe yìí fó láéláé. Èlé tó yẹ ká fi kún èrè ọdún ló sì fara pa mọ́ síbẹ̀.

Ìlà méjì la ń kọ báyìí fún owó kan tí wọ́n bá san: YIYA -12000, ELE 600. Lóṣooṣù, bí ìlà ELE bá ṣe pọ̀ tó náà ni ìlà YIYA tó ní àmì ìyọkúrò gbọ́dọ̀ pọ̀ tó. Mo tún fi èyí sí ẹ̀gbẹ́ kan:

```
=MINIFS(E2:E,C2:C,"YIYA")
```

Bí ó bá ti sọ̀ kalẹ̀ ju òdo lọ, ẹnì kan ti san ju ohun tó yá, tàbí kí n ti kọ ọ́ síbi tí kò yẹ.

Àléébù rẹ̀? Títẹ ìlà lórí fóònù ń sú èèyàn. Bí àlàfo kan ṣoṣo bá wà lẹ́yìn nọ́mbà ọmọ ẹgbẹ́ bíi A07, ẹni tuntun ni lójú ẹ̀rọ: àṣẹ́kù ẹni tó ti pa ₦85,000 mọ́ á kàn já sí ₦5,000 tó san lónìí. Data validation la fi dí ihò yẹn, kí akápò máa yan nọ́mbà, kó má tẹ̀ ẹ́. Bákan náà, ẹ má fi líǹkì lẹ́jà ránṣẹ́ sí gbogbo ẹgbẹ́, kí gbèsè ẹnì kan má di ọ̀rọ̀ ọjà. Ìlà oníkálukú ni mo ń fi FILTER yọ sójú ọ̀tọ̀, mo ń ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ lórí Wásáàpù.

Mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Màmá aláṣọ ti tún yá ₦150,000 báyìí, wọ́n sì ní kí n máa fi fọ́tò tiwọn ránṣẹ́ lójọ́ ìpadé gan-an, kí ilẹ̀ ó tó ṣú.