Èésú Oṣooṣù Láàárín Àwa Aránṣọ: Àgbéyẹ̀wò Ẹni Tó Ti Kó Ní Ipò Kẹsàn-án àti Ní Ipò Kẹrin

Láti ọdún 2019 ni mo ti wà nínú èésú kan náà ní ọjà Ojúwòyè ní Múṣin, níbi tí mo ti ń ránṣọ. Èésú ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ o, kì í ṣe àjọ ojoojúmọ́. Ní ti àjọ, alájọ máa ń gba owó lọ́wọ́ ẹni lójoojúmọ́, yóò kó o padà fún un ní òpin oṣù, yóò sì yọ owó ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ tirẹ̀. Owó ara ẹni nìkan ni ẹni tó dá àjọ ń rí gbà. Ní ti èésú, owó àwọn ẹlòmíràn ni ẹni tó kọ́kọ́ kó ń ná, owó tirẹ̀ sì ni àwọn tó kù yóò ná nígbà tó bá kàn wọ́n. Ìyàtọ̀ yìí ló jẹ́ kí èésú jẹ́ ọ̀nà ẹ̀yáwó, ohun tí àjọ kì í ṣe.

Bí tiwa ṣe rí ní ọdún 2023 nìyí. Àwa méjìlá ni a wà nínú rẹ̀, a sì ń dá 20,000 náírà lóṣooṣù, nítorí náà ẹni tó bá kàn yóò kó 240,000. Ọjọ́ 28 oṣù ni owó gbọ́dọ̀ pé lọ́wọ́ olórí èésú wa, ìyá àgbà kan tó ń ta aṣọ inú àti bọ́tìnnì. Tíránsífà ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń san án, ṣùgbọ́n ìwé líle kan wà lọ́wọ́ ìyá yìí tó fi rúlà pín sí méjìlá lọ́nà méjìlá, bí owó bá sì ti wọlé ni yóò fi bírò pupa sàmì sínú àpótí orúkọ ẹni náà. Ẹni tó bá ń jiyàn pé òun ti san, ìwé yẹn la máa ń ṣí. Ìyá kì í gba owó iṣẹ́ kankan, àmọ́ òun ló máa ń kọ́kọ́ kó ní oṣù àkọ́kọ́, kò sì sí ẹni tó bínú sí i, nítorí pé bí owó ẹnìkan bá pẹ́, òun ló ń fi tirẹ̀ dí i di ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta. Ìbò la fi yan ipò àwọn tó kù. Wọ́n kọ nọ́ńbà sórí bébà, wọ́n ká a, wọ́n dà á sínú agbọ̀n òwú. Mẹ́sàn-án ni mo mú.

Ohun tí mo fẹ́ fi owó náà rà ni ẹ̀rọ wífìn, èyí tí a fi ń di etí aṣọ kó má baà tú. Aránṣọ tí kò bá ní in yóò máa gbé aṣọ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní in. Nígbà yẹn, 100 náírà ni mo ń san lórí aṣọ kan, èmi àti àwọn ọmọ iṣẹ́ mi méjì sì ń rán tó aṣọ mẹ́jọ lóòjọ́. Lóṣù, tí a bá ka ọjọ́ iṣẹ́ sí 26, owó wífìn nìkan ń tó 20,800. Bí mo bá ní ẹ̀rọ tèmi, tí mo sì yọ owó òwú, abẹ́rẹ́ àti epo jẹnẹrétọ̀, nǹkan bíi 14,000 ni ì bá máa kù sí mi lọ́wọ́ lóṣooṣù. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Ẹ̀rọ náà lè san èyí tó pọ̀ jù nínú owó èésú fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n a kò lè ra ìdajì ẹ̀rọ lóṣù yìí kí a ra ìdajì yòókù lóṣù tó ń bọ̀. Ẹni tó ní 120,000 lọ́wọ́ kò tíì ní nǹkan kan tó lè mú owó wọlé.

Ká ní èmi nìkan ni mo ń tọ́jú 20,000 lóṣù sílé, oṣù méjìlá ni ì bá gbà mí kó tó pé 240,000. Bí àwa méjìlá bá sì ń tọ́jú tiwa lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ìparí ọdún ni gbogbo wa ì bá tó ra ohun tí a fẹ́. Nínú èésú, ẹnìkan á ti rà á lóṣù kìíní, ẹlòmíràn lóṣù kejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó kó kẹ́yìn nìkan ló rí tirẹ̀ gbà ní àkókò tí ì bá rí i bó ṣe òun nìkan ló ń tọ́jú owó, kò sì sí ẹni tó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mi ò tilẹ̀ tíì sọ ti ilé, níbi tí ọmọ ti máa ń ṣàìsàn, tí ẹ̀gbọ́n sì máa ń ránṣẹ́ pé kí a bá òun dá sí ìnáwó. Owó tó wà nínú èésú kò sí lọ́wọ́ mi, mo sì lè wí bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi láìpurọ́.

Kí ìbò tó mú mẹ́sàn-án fún mi, mo ti kọ́kọ́ lọ sí báńkì kékeré kan ní àdúgbò wa láti yá iye kan náà. Wọ́n béèrè onídùúró méjì tó jẹ́ òṣìṣẹ́ olówó oṣù, àkọsílẹ̀ owó tó wọlé sí àkáǹtì mi fún oṣù mẹ́fà, àti ohun ìdógò. Ẹni tó ń gba owó lọ́wọ́ oníbàárà ní ẹyọ ẹyọ, tó sì ń fi ra tẹ́rẹ́ẹ̀dì lọ́jọ́ náà gan-an, kò ní àkọsílẹ̀ tí yóò wú báńkì lórí. Owó èlé wọn ni 5 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù, fún oṣù mẹ́fà, wọ́n sì ń ṣírò rẹ̀ lórí gbogbo 240,000 títí dé òpin. Ìyẹn ni pé 52,000 ni n ó máa san lóṣooṣù, èlé nínú rẹ̀ sì jẹ́ 12,000. Ní oṣù tó kẹ́yìn, nígbà tí gbèsè mi bá ti ku 40,000, n ó ṣì san 12,000 yẹn lé e. Gbogbo èlé á wá jẹ́ 72,000. Mi ò bá wọn jà, torí mo mọ ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù. Wọn kò mọ̀ mí, wọn kò mọ̀ bóyá mo máa ń ṣí ṣọ́ọ̀bù lójoojúmọ́, bí mo bá sì sá, owó lọ́yà yóò ju owó tí mo jẹ lọ. Ìyá tó ń ta bọ́tìnnì mọ gbogbo èyí nípa mi láìbéèrè, nítorí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni mo ń gbà kọjá láràárọ̀.

Àléébù èésú tó dùn mí jù ni ti ẹni tó ń kó lẹ́yìn. Ẹ jẹ́ ká wo ipò kọ̀ọ̀kan dáadáa. Ẹni tó kó lóṣù kejì ti dá 40,000 péré, nítorí náà 200,000 ló yá láìsan èlé. Èmi tí mo kó lóṣù kẹsàn-án ti dá 180,000, nítorí náà 60,000 nìkan ni mo yá. Ẹni tó kó lóṣù kejìlá kò yá kọ́bọ̀; òun ló yá àwa tó kù lówó. Bí owó bá dúró lójú kan, èyí kì í ṣe nǹkan ńlá. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2023 yẹn ni ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù karùn-ún, tí wọ́n sì jẹ́ kí náírà wá iye tirẹ̀ fúnra rẹ̀ lóṣù kẹfà. Ẹ̀rọ tí wọ́n dá iye 235,000 lé fún mi lóṣù kìíní ti di 340,000 nígbà tí mo lọ rà á ní Ìsàlẹ̀ Èkó lóṣù kẹsàn-án. Mo fi 100,000 kún owó èésú mi kí n tó gbé e wálé. Ẹlẹgbẹ́ mi tó kó lóṣù kejì ra irú rẹ̀ gan-an láìfi kọ́bọ̀ kún un, ó sì ti ń bá èmi fúnra mi ṣe wífìn fún oṣù méje, tí mo ń sanwó fún un.

Ewu kejì ni ti ẹni tó kó tán tó sì dákẹ́. Ó ṣẹlẹ̀ nínú tiwa lọ́dún náà. Ọkùnrin kan tó ń ta síìpù, tí ọ̀kan nínú wa mú wá, kó ní ipò kẹta. Ó san ti oṣù kẹrin àti ìkarùn-ún, kò sì san mọ́. Oṣù méje ló ṣẹ́kù, èyí tó jẹ́ 140,000. Arábìnrin tó mú un wá ti dúró fún un lójú gbogbo wa, nítorí náà 40,000 ló ń san lóṣooṣù títí di oṣù kejìlá, tirẹ̀ àti ti ọkùnrin náà, òun sì ni kò jẹ́ kí owó tèmi dín nígbà tí mo kó. Inú mi kò dùn sí i rárá. Obìnrin yẹn kò ra ohun kan ṣoṣo lọ́dún náà.

Nígbà tí a bojú wẹ̀yìn, àmì ti wà lára ọkùnrin náà. Ọjọ́ 28 la ń san owó, ṣùgbọ́n oṣù kejì, kó tó kó rárá, ọjọ́ karùn-ún oṣù tó tẹ̀ lé e ló san tirẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́jọ ló mú nínú agbọ̀n. Òun ló bẹ ẹni tó mú mẹ́ta pé kí wọ́n pààrọ̀. Lẹ́yìn náà la wá gbọ́ pé ó wà nínú èésú mẹ́ta mìíràn, pé owó tó kó nínú tiwa ló fi san gbèsè tó jẹ nínú òmíràn. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni tó bá jẹ́ tuntun kì í mú ìbò. Ipò kẹsàn-án sí ìkejìlá ni wọ́n ń fi í sí ní ọdún rẹ̀ àkọ́kọ́, kó lè jẹ́ pé nígbà tó bá kó, ohun tó ti dá yóò ti ju ohun tó kù fún un láti san lọ. Pípààrọ̀ ipò náà kò ṣeé ṣe mọ́ àfi níwájú gbogbo ẹgbẹ́.

Ohun kan wà tí onídùúró kò lè gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀, ìyẹn ni ohun tó bá kan gbogbo wa lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí wọ́n ti Èkó pa ní ọjọ́ 30 oṣù kẹta ọdún 2020, kò sí aránṣọ tó rí aṣọ rán. A dá èésú dúró fún oṣù méjì. Àwọn tó ti kó ń ná owó wa, àwa tí a kò tíì kó ń wò wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó lè fi tagbáratagbára béèrè.

Ní ìpàdé ìparí ọdún 2023, mo dábàá pé kí àwọn ipò kìíní sí ìkẹrin máa fi 1,000 kún owó wọn lóṣooṣù, kí a sì pín 48,000 tí yóò jẹ́ ní ìparí ọdún fún àwọn mẹ́ta tó kẹ́yìn. Àwọn Mùsùlùmí inú wa ní èlé ni, wọn kò sì lè bá wa lọ́wọ́ sí i. Mo gbọ́ wọn yé. Olórí èésú wá ní, "Bí a kò bá lè fi owó tún un ṣe, ẹ jẹ́ ká fi ipò tún un ṣe." Bí ọdún 2024 ṣe bẹ̀rẹ̀, wọ́n yí ìwé náà padà, ẹni tó kó kẹ́yìn di ẹni àkọ́kọ́, ìyá fúnra rẹ̀ sì lọ sí ìkejìlá. Aránṣọ tuntun kan rọ́pò onísíìpù náà. Ipò kẹwàá tí ìyípadà fi sílẹ̀ wà lára ipò ẹni tuntun, ibẹ̀ ló sì wà. Èmi bọ́ sí ìkẹrin.

A ti gbé owó lọ sí 50,000 nígbà náà, nítorí náà 600,000 ni mo kó lóṣù kẹrin, nígbà tí mo ti dá 200,000. Oṣù yẹn gan-an ni owó ṣọ́ọ̀bù mi pé, onílé mi kì í sì í gba owó oṣù kan kan. Ti ọdún kan gbáko ló ń gbà. Ọjọ́ 28 ni ìyá fi owó náà ránṣẹ́, ní ọjọ́ 29 mo san án fún onílé, mo sì gba rìsíìtì.