Audacity, Sonic Visualiser tàbí iZotope RX: èwo ló yẹ kí o fi wá orísun ariwo inú fáìlì ohùn rẹ?

Kí o tó sanwó fún sọ́fúwià kankan, ya ohun méjì sọ́tọ̀: rírí ariwo, àti yíyọ ariwo. Ọ̀fẹ́ ni rírí. Yíyọ nìkan ló lè ná ọ lówó, kì í sì í ṣe ní gbogbo ìgbà.

Nínú àwòrán ìró tí wọ́n ń pè ní sípẹ́kítírógíráàmù, àkókò ń lọ láti òsì sí ọ̀tún, ìró tó rẹlẹ̀ wà nísàlẹ̀, èyí tó ga wà lókè. Ibi tí ìró bá ti le ló máa ń mọ́lẹ̀. Ohùn Yorùbá kò ṣòro dá mọ̀ níbẹ̀, torí àwọn ìlà rẹ̀ ń gòkè, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ bí dò, re, mí ṣe ń yí padà. Ìlà tó bá ń bá a lọ gbọọrọ, tí kò dákẹ́ nígbà tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ dúró mí, ti ẹ̀rọ ni.

Iṣẹ́ tí mo fi dán àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò ni oríkì ìdílé kan tí mo gbà lẹ́nu ìyá àgbà kan ní Òṣogbo. Máíkì USB ni mo lò, làpútọ́ọ̀pù wà lórí ṣájà, jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ilé. Nígbà tí mo gbọ́ ọ pẹ̀lú ẹ̀rọ ìgbọ́hùn-létí, ariwo kan ń hùn lábẹ́ ohùn, súfèé tín-ín-rín kan sì wà lókè rẹ̀.

Audacity ni mo kọ́kọ́ ṣí. Tẹ orúkọ fáìlì lórí ìlà rẹ̀, yan Spectrogram. Ohun tó máa ń ṣi èèyàn lọ́nà níbí ni Window size, ìyẹn bí ègé ìró tí Audacity ń yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan ṣe gùn tó. Fáìlì mi jẹ́ 48000 Hz. Bí Window size bá jẹ́ 2048, ìwọ̀n tí àwòrán lè yà sọ́tọ̀ jẹ́ nǹkan bí 23 Hz, àwọn ìlà ìsàlẹ̀ á sì dà pọ̀ di àbàwọ́n kan. Mo gbé e sí 16384, ó di nǹkan bí 3 Hz, àwọn ìlà sì jáde lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nǹkan bí 50 Hz láàárín ìkan sí èkejì. Iná mànàmáná nìyẹn. Àmọ́ Window size ńlá máa ń fa ìró kúkúrú gùn, nítorí náà bó bá jẹ́ ìró tó ń ta pẹ́ẹ́ lo ń wá, dá a padà sí 1024.

Ibi tí Sonic Visualiser ti dára jù ú lọ ni wíwọn. Queen Mary University of London ló ti jáde, ọ̀fẹ́ ni, kò sì lè yọ ariwo rárá, ṣùgbọ́n Peak Frequency Spectrogram rẹ̀ ń sọ iye ìlà kọ̀ọ̀kan ní pàtó. Má wo ìlà 50 fúnra rẹ̀, torí ìyípadà rẹ̀ kéré jù. Ka ìlà láti ìsàlẹ̀ dé ogún, kí o wọn ìkogún: ìyípadà 1 Hz nísàlẹ̀ ti di 20 Hz níbẹ̀. Tèmi wà ní 1056, ó sì sọ̀ sí 1010 nígbà tí firíìjì gbé iná. Pín in sí ogún: láti 52.8 sí 50.5 Hz. Jẹnẹrétọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ bí ẹrù bá wọ̀ ọ́ lójijì.

Nítòsí ibẹ̀ gan-an ni ìlà mìíràn wà, ní 1000, òmíràn ní 2000 àti 3000, wọn kò mì rárá. Ìyẹn kì í ṣe iná. Ẹ̀ẹ̀kan nínú ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá ni USB máa ń ránṣẹ́, ìyẹn ló ń súfèé. Mo gba ìdákẹ́jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá pẹ̀lú ṣájà, mo yọ ṣájà, mo tún gba mẹ́wàá. Ìlà tó ń mì ti pòórá. Ìlà 1000 dúró.

Notch Filter inú Audacity, tó ń gé ìró ojú kan ṣoṣo kúrò, tó fún súfèé tó dúró sójú kan. Yí iye rẹ̀ kúrò ní 60 tó máa ń wà níbẹ̀ sí iye ìlà tí o fẹ́ yọ, bíi 1000 fún súfèé yìí; bó bá sì jẹ́ iná ni, 50 Hz ni tiwa ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ìlà tó ń rìn láti 1010 dé 1056 á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí o bá sì fẹ̀ ẹ́ tó láti mú un, á jẹ ohùn ìyá náà mọ́ ọn.

Ibẹ̀ nìkan ni mo ti rí ìdí láti sanwó fún iZotope RX. De-hum rẹ̀ ní Dynamic tó ń tẹ̀ lé ariwo bó ṣe ń yí padà. Kì í ṣe gbogbo irinṣẹ́ ló wà nínú ẹ̀dà tó rẹlẹ̀ lówó, nítorí náà yẹ̀ ẹ́ wò bóyá èyí tí o fẹ́ rà ní ohun tí o nílò, kí o sì dán an wò lórí fáìlì rẹ tó burú jù. Adobe Audition ń fi àwòrán yìí hàn dáadáa, àmọ́ sísan ní oṣooṣù ni; nítorí iṣẹ́ yìí nìkan, mi ò ní rà á.

Bí ẹni tó sọ̀rọ̀ bá ṣì lè tún un sọ, yọ ṣájà, gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà, kí o tún un gbà. Mo lo RX torí ìyá àgbà náà kò sí mọ́.