Mo fi àlọ́ Ìjàpá lọ kọ́ọ̀sì kátúùnù oníṣẹ́jú méjì: ohun tí mo rí gbà fún ₦45,000

Sátidé mẹ́rin ni kọ́ọ̀sì náà, láti aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago méjì ọ̀sán, nínú yàrá kan ní Ìbàdàn tí fáànù rẹ̀ ń pariwo ju ọ̀gá tó ń kọ́ wa lọ. Ìlérí wọn ni pé ẹni tó bá gbé àlọ́ abúlé rẹ̀ wá, yóò lọ sílé pẹ̀lú ìtàn kátúùnù oníṣẹ́jú méjì tó ti tò sí apá mẹ́ta, tí yóò ku kìkì yíyà. ₦45,000 ni mo san. N kò ní dárúkọ wọn, torí mo ní ẹjọ́ díẹ̀ láti rò, bẹ́ẹ̀ ni mo sì ní ọpẹ́ láti dú.

Àlọ́ Ìjàpá àti oògùn oyún Yánníbo ni mo gbé lọ. Ẹ mọ̀ ọ́n. Yánníbo kò rí ọmọ bí, Ìjàpá tọ babaláwo lọ, babaláwo se àsèjẹ tó ń ta sánsán, ó sì kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ fi kan ẹnu. Ó fi kan ẹnu. Ikùn rẹ̀ wú gẹ̀ǹdù, ó forí lé ilé babaláwo padà, ó ń kọrin ẹ̀bẹ̀. Ẹnu ìyá ìyá mi ni mo ti gbà á sílẹ̀ sórí fóònù, ní abúlé wa lẹ́yìn Ìsẹ́yìn. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni gbogbo rẹ̀, ewúrẹ́ sì bá wa dá sí i lẹ́ẹ̀mejì.

Ní Sátidé àkọ́kọ́, ìpín apá mẹ́ta ni wọ́n fi kọ́ wa. Syd Field, ará Amẹ́ríkà tó ń kọ́ni bí a ṣe ń kọ fíìmù, ló sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé mọ̀ ní 1979: nínú ìwé fíìmù olójú ewé 120, ọgbọ̀n fún ìbẹ̀rẹ̀, ọgọ́ta fún àárín, ọgbọ̀n fún ìparí, ojú ewé kan sì máa ń tó ìṣẹ́jú kan. Ọ̀gá wa ní ìṣẹ́jú méjì jẹ́ sẹ́kọ́ńdì 120, nítorí náà kí a kàn fi sẹ́kọ́ńdì kan rọ́pò ojú ewé kan. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́.

Ó dùn ún gbọ́, àmọ́ ibẹ̀ gan-an ni mo ti kọ́kọ́ kó sí wàhálà. Tí ẹ bá fi ilé babaláwo han ènìyàn, mo rò pé ojú rẹ̀ nílò bíi sẹ́kọ́ńdì mẹ́ta kó tó mọ ibi tó wà, yálà fíìmù wákàtí méjì ni tàbí ti ìṣẹ́jú méjì. Ojú kì í yára wò nítorí pé fíìmù kúrú. Ibi mẹ́fà ni ìyá àgbà gbé Ìjàpá gbà. Sẹ́kọ́ńdì méjìdínlógún yóò ti lọ lórí "níbo la wà yìí" nìkan. Mo dín wọn kù sí mẹ́ta: ẹnu ọ̀nà Yánníbo, iwájú ilé babaláwo, àti abẹ́ igi kan lọ́nà. Kò sí ẹni tó kọ́ mi ní èyí. Ìgbà tí mo ń ka sẹ́kọ́ńdì ni mo rí i.

Ohun tí mo rò pé owó mi bá wá ni iṣẹ́ káàdì, ní Sátidé kejì. Ẹ ó kọ ìṣẹ̀lẹ̀ kan sórí káàdì kan, ẹ ó tò wọ́n sílẹ̀, ẹ ó wá máa fi ẹnu so ọ̀kan mọ́ èkejì. Tó bá jẹ́ "nítorí náà" tàbí "ṣùgbọ́n" ló so wọ́n, ó dára. Tó bá jẹ́ "lẹ́yìn náà" lásán, ọ̀kan nínú méjèèjì kò níṣẹ́ tó ń ṣe. Babaláwo kìlọ̀ fún Ìjàpá, ṣùgbọ́n òórùn ọbẹ̀ fà á nímú: ó dúró. Ìjàpá pàdé Àjànàkú lọ́nà, wọ́n kíra wọn, lẹ́yìn náà ó pàdé Ẹyẹlé: kò dúró. Ó dùn mí, torí bí ìyá àgbà ṣe ń fi ohùn Àjànàkú sọ̀rọ̀ ló ń pa wá lẹ́rìn-ín láti kékeré. Àmọ́ lẹ́nu àlọ́, ìyá àgbà ní gbogbo alẹ́. Èmi kò ní.

Lẹ́yìn èyí ni a ṣe káàdì kọ̀ọ̀kan sókè níwájú fóònù tó ń ka àkókò: ẹ ó sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹ ó fara ṣe é, bí ó ti yẹ kó rí. Ìṣẹ́jú mẹ́rin àti sẹ́kọ́ńdì mẹ́wàá ni tèmi jẹ́. Mo yọ Àjànàkú àti Ẹyẹlé, mo jẹ́ kí orin wáyé lẹ́ẹ̀kan dípò ẹ̀ẹ̀mejì, ó di 2:46. Ibẹ̀ ló dúró sí. Gbogbo káàdì tó kù ló níṣẹ́.

Orin yẹn ni gbogbo wàhálà náà. Ìlà mẹ́jọ ni, ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́ bíi sẹ́kọ́ńdì méjì àbọ̀, ègbè "alugbinrin" tó ń tẹ̀lé e jẹ́ ọ̀kan àbọ̀. Sẹ́kọ́ńdì méjìlélọ́gbọ̀n nìyẹn, ju ìdá kan nínú mẹ́rin fíìmù lọ. Ọ̀gá wa ní kí n gé e sí ìlà méjì, torí nínú apá kẹta, eré gbọ́dọ̀ máa sáré. Mo wí fún un pé ẹni tó bá gé alugbinrin kò tíì pa àlọ́ náà rí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní èmi ni mo ni fíìmù.

Òótọ́ wà nínú ohun tó sọ o. Ẹ fetí sí ohun tí Ìjàpá ń kọ lórin: ó ń ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀. A ti rí i tó jẹ ọbẹ̀ tán, ó tún wá ń fi orin sọ ọ́ fún wa. Lẹ́nu àlọ́, èyí kò dun ẹnikẹ́ni, torí àwa náà ń gbè é. Lójú àwòrán, ohun kan náà la ṣe lẹ́ẹ̀mejì.

Àmọ́ nígbà tí mo tún fetí sí ohùn ìyá àgbà lálẹ́ ọjọ́ náà, mo gbọ́ ohun tí mo ti ń gbọ́ láti kékeré tí n kò fura sí: Ìjàpá ń purọ́ nínú orin náà. Ó ní gbòǹgbò ló gbé òun ṣubú, ọwọ́ òun ló kàn ṣèèṣì kan ọbẹ̀, ló bá kan ẹnu. Gbòǹgbò wo? Ebi ni, ọ̀kánjúwà ni! Mo dìde, mo yọ káàdì ibi tó ti jẹun kúrò pátápátá. Ní báyìí, nígbà tí òórùn ọbẹ̀ ti dà á láàmú tán lọ́nà, ó gbé ìkòkò sílẹ̀ lábẹ́ igi, ó nawọ́ sí ìdérí, a gé e níbẹ̀. Ohun tí ẹ ó rí tẹ̀lé e ni ikùn ràbàtà lẹ́nu ọ̀nà babaláwo. Orin bẹ̀rẹ̀. Bí ó ti ń kọrin pé gbòǹgbò gbé òun ṣubú, àwòrán ń fi hàn wá bí ó ṣe jókòó, tó fọwọ́ nu ẹnu, tó sì ń lá ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ẹnu ń sọ̀kan, ojú ń rí òmíràn.

Sẹ́kọ́ńdì mọ́kànlélógún ló ti ibẹ̀ kúrò, orin kò sì dín ìlà kan. 2:25. Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tó kù, ọ̀rọ̀ apàlọ́ ni mo gé, níbikíbi tí àwòrán bá ti sọ ọ́. Bó ṣe wá rí nìyí: apá kìíní, sẹ́kọ́ńdì mọ́kànlélọ́gbọ̀n, láti "Àlọ́ o!" títí ìkòkò fi dé ọwọ́ Ìjàpá. Apá kejì bẹ̀rẹ̀ lójú ọ̀nà, orin sì ni ó parí rẹ̀ ní sẹ́kọ́ńdì kẹrìndínláàádọ́rùn-ún. Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n tó kù ni apá kẹta. Kò bá òṣùwọ̀n mu rẹ́gí, mi ò sì yọ ara mi lẹ́nu.

Nípa ìparí ni èmi àti ọ̀gá wa kò ti fohùn ṣọ̀kan rárá. Òfin tirẹ̀ ni pé olórí ìtàn gbọ́dọ̀ yí padà, kí Ìjàpá ronú pìwà dà, kó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀. Ìjàpá wo? Tó bá ronú pìwà dà lónìí, ta ni a ó pa àlọ́ nípa rẹ̀ lọ́la? Ẹni mẹ́rin nínú wa ló mú àlọ́ Ìjàpá wá, mẹ́ta sì ti jẹ́ kó sunkún kó tó di ìrọ̀lẹ́. Lójú tèmi, ẹni tí nǹkan yí padà fún ni Yánníbo, òun ló pàdánù. Torí náà babaláwo kò sọ nǹkan kan, ó ti ilẹ̀kùn. Ìjàpá wọ́ ikùn lọ sílé. Yánníbo wo ikùn náà, ó gbé ọwọ́ lé tirẹ̀. Ó wá dá "alugbinrin" kan sọ, jẹ́jẹ́, láìsí ẹni tó bá a gbè é.

Ẹjọ́ mi tó tóbi jù ni pé ọjọ́ ìkẹyìn ni wọ́n tó dárúkọ iye àwòrán. Fíìmù ń lo férémù, ìyẹn àwòrán dídúró tó ń tẹ̀lé ara wọn, mẹ́rìnlélógún ní sẹ́kọ́ńdì kan. Bí ẹ bá tilẹ̀ fi àwòrán kan gba férémù méjì, bí ọ̀pọ̀ ti ń ṣe, ìṣẹ́jú méjì yóò gba àwòrán 1,440. Ó yẹ kí ènìyàn mọ èyí kó tó yan ohun tó máa wà nínú ìtàn, torí orin mi nìkan jẹ́ 384. Ohun tó gbà mí ni ègbè. Àwọn ẹranko tó ń gbe alugbinrin ń ṣe ohun kan náà nígbà mẹ́jọ, àwòrán méjìdínlógún lẹ́ẹ̀kan. Mo yà á lẹ́ẹ̀kan, mo lò ó lẹ́ẹ̀mẹjọ, àwòrán 126 ti kúrò lọ́rùn mi.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ mú ohùn àlọ́ tiyín dání, kì í ṣe èyí tí ẹ fi orí rántí. Kí ẹ sì fi àwòrán ìdánwò, àwọn tí kò tíì mira, han ọmọdé láìsí ohùn. Ọmọ aládùúgbò mi wo tèmi, ó ní, "Àǹtí, kí ló dé tí Ìjàpá fi sanra?" Ìkìlọ̀ babaláwo wà nínú ọ̀rọ̀ nìkan, kò sí nínú àwòrán. Mo jẹ́ kí babaláwo fi ìka kan ètè ara rẹ̀, kó sì mi orí. Ọmọ náà kò bi mí mọ́.

Ìràwọ̀ mẹ́ta àbọ̀ nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Káàdì ló gba méjì níbẹ̀.

Mo gbé fóònù lọ bá ìyá àgbà ní abúlé lọ́sẹ̀ tó kọjá, pẹ̀lú ohùn lórí àwòrán. Ó gbè é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí Yánníbo sọ tirẹ̀ nìkan, ìyá àgbà dákẹ́ díẹ̀, ó wá dá a lóhùn: "Alugbinrin." Àmọ́ fíìmù ti tán kó tó sọ ọ́. Mo ti gba sẹ́kọ́ńdì méjì lọ́wọ́ Ìjàpá tó ń wọ́ ikùn lọ sílé, mo fi sí ìparí, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ju ojú Yánníbo lọ.